Aṣọ Funfun Lẹ́nu Dúrọ́ọ̀mù

Ọdún kẹtàlá rèé tí Ìbídùnní ti ń yẹ omi wò ní Àkúrẹ́. Nígbà tí inú ń run àwọn ayálégbé Bàbá Adébùsóyè ní Oǹdó, òun ló lọ bu omi kànga wọn. Ṣáláńgá kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò kò sì purọ́.

Ó kọ ọ́ ní Yorùbá tí bàbá lè kà: “Ìgbẹ́ ń jò láti ṣáláńgá wọ inú kànga yín. Ẹ sè é kó hó kí ẹ tó mu ún. Ẹ gbẹ́ kànga mìíràn síbi tó jìnnà sí ṣáláńgá.”

Ọ̀gá rẹ̀, Fọlárìn, fi bírò pupa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. “Ta ló ń kọ ìgbẹ́ sí àgbàlagbà? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?” Ó fi “kòkòrò àìfojúrí” rọ́pò rẹ̀, ó ní kí wọ́n “tọ́jú omi náà dáadáa.” Ìbídùnní tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pe irú ìyẹn.

Nígbà tó padà lọ sí Oǹdó lóṣù kejì, aṣọ funfun ni wọ́n so mọ́ ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi wọn.

“À ń sẹ́ ẹ, ìyá mi,” ni bàbá wí. “A ò tíì rí kòkòrò kan ṣoṣo.”

Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ-ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn.

“Bàbá, ìgbẹ́ ni ẹ ń mu.”

Bàbá mú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó tún un kà.

“Kí ló wá dé tí ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”