Pọ́pù Èjìká Aṣọ

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta aṣọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Olójú-Àwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ àwọ̀ aṣọ inú fọ́tò. Aró ní pọ́pù, ìyẹn elésè àlùkò, nínú. Nefi ò ní in, búlúù tó ṣú lásán ni. Búlúù òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Àbúrò rẹ̀ di àwátì. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá ní àwọn rí òkú ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ aró. Màmá wọn gbé fọ́tò tí àbúrò náà yà lábẹ́ gílóòbù kó tó jáde nílé wá.

"Nefi lèyí. Òkú yẹn kì í ṣe ọmọ mi."

Olójú-Àwọ̀ ṣí i sórí kọ̀ǹpútà. Kọ́là funfun aṣọ náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ gílóòbù. Ó ń yọ yẹ́lò iná yẹn kúrò títí kọ́là fi funfun. Kò wo ibi òjìji, èjìká tí iná bà ló tẹjú mọ́. Pọ́pù yọ níbẹ̀.

"Màámi, aró ni."

Ìyá ò wo ojú rẹ̀. Fọ́tò ló ń wò.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án? Dá yẹ́lò yẹn padà síbẹ̀."