Ọjọ́ Tí Omi Gba Abẹ́ Ilé Wọlé

Èmi Àdùkẹ́ kò lè gbàgbé ọjọ́ tí bàbá mi fi òòlù fọ́ ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ.

Ní Akpakpa, àdúgbò wa ní Kùtọ̀nú, omi mọ ilé gbogbo wa. Kí òjò tó dé, bàbá mi mọ ògiri yí ọgbà ká, kò dá ihò kankan sí i. Ó ní, "Kí omi lọ máa kí Ìyá Sikirá." Aládùúgbò wa nìyẹn.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ó dá, a jókòó, à ń jẹun. Ṣàdédé ni ẹsẹ̀ mi tutù. Omi ń sun jáde láti ilẹ̀ pálọ̀! Yanrìn ni ilẹ̀ Kùtọ̀nú, ó sì ti mu omi yó. Òjò inú ọgbà wa kò ríbi rì sí, ògiri kò sì jẹ́ kó jáde. Bàtà bàbá mi ń léfòó lọ sí yàrá. Mo pariwo.

Ọgbà Ìyá Sikirá ti gbẹ ní tirẹ̀, omi ibẹ̀ ti ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ó na ọrùn lórí ògiri: "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ kú àlejò o!"

Màmá mi gbé òòlù fún bàbá mi. Bàbá mi fọ́ ìdí ògiri, omi sì ya lọ sínú gọ́tà, tòun ti bàtà.

Ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni Ìyá Sikirá ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ láti kí bàbá mi: "Ṣé àlejò yín jí dáadáa?"