Ìwé Tí Mo Kọ sí Dírẹ́sà Wa

Òórùn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fọ egbò tó ti gbá mi nímú, bí ìgbà tí eku bá kú sábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí ilé ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́nà Ìkòtún ni, pé kí n jẹ́ sístà àgbà níbẹ̀, kí n máa bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ yòókù. Ìgbà tí owó epo ń ya wọ ìlú ni. Ilé ń yọ láti Ìdímù títí dé Ẹgbẹ́dá bí olú, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ti ń gun alùpùpù. Egbò ni èyí ń kó wá bá àwa o. Ìṣó á gún bíríkìlà lẹ́sẹ̀, búlọ́ọ̀kù á já lu lébìrà lọ́wọ́, alùpùpù tuntun á gbé olówó rẹ̀ ṣubú, á sì jó o lójúgun.

Dírẹ́sà kan ṣoṣo la ní tó ń fọ gbogbo egbò wọ̀nyí, tó sì ń dì wọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Àwọn aláìsàn ń pè é ní dókítà, kì í sì í sọ fún wọn pé òun kọ́.

Mo wọlé bá a lórí àga, búrẹ́dì àti àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ bébà àkàrà náà sórí tábìlì tí a ń to oògùn sí. Garawa tí wọ́n ń da báńdéèjì ìdọ̀tí sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Ìdin! Wọ́n ń rọ́ lu ara wọn lórí òwú tí ọyún ti gbẹ mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti fi ojú mi rí nǹkan, ṣùgbọ́n èébì gbé mi, mo sáré lọ dúró lójú fèrèsé.

Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Sístà. Ẹ wá jẹun.”

Mo ní mo ti yó.

Ibi tí mo dúró sí ni mo wà tí ó fi di ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan tán, tó sì pe aláìsàn kejì wọlé, obìnrin kan tí iná jó lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì mú ẹ̀mú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yọ báńdéèjì kúrò ní ẹsẹ̀ bàbá náà, egbò tó ti kẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó tì í bọ omi tútù lẹ́ẹ̀kan, ó nà án sí ọwọ́ obìnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe èyí.”

Èmi ni mo fọ egbò ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Nígbà tí àwọn aláìsàn lọ tán, mo sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé a gbọ́dọ̀ máa se ẹ̀mú kí a tó fi kan ẹlòmíràn, kí a sì máa sun ohun tó wà nínú garawa kí a tó ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ má bínú, Sístà.” Ó ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà padà. Mo tún bá ẹ̀mú kan náà nínú omi tútù.

Ní àárín ìgbà yẹn ni bíríkìlà kan tí ìṣó gún padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìsáàsùn. Èmi fúnra mi tú báńdéèjì rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀, mi ò fẹ́ kọ ọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì lọ sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí dírẹ́sà wa lọ́ọ̀ọ́kán, ara mi á máa rìn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ìròyìn ẹsẹ̀ yìí dé etí akọ̀wé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ó gbé mọ́tò tuntun rẹ̀ wá bá mi, lọ́fínńdà ń ta lára rẹ̀. Ó ti tẹ kúẹ́rì, ìwé ìbániwí, sí dírẹ́sà wa, orúkọ mi ti wà nísàlẹ̀, kí n kàn buwọ́ lù ú ló kù. Mo kà á. “Ọ̀lẹ ni ọ́, ọ̀bùn ni ọ́, ìtìjú ni ọ́ fún iṣẹ́ ìlera. Kò sí ọjọ́ kan tí o ṣe iṣẹ́ rẹ bó ti yẹ. Ìwọ lo ba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé òun ló ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́? Ọjọ́ kẹta tí ìṣó ti gún ọkùnrin yẹn ló tó wá sọ́dọ̀ wa. Epo pupa àti eérú ló fi dí i. Ó lè jẹ́ àwa, ó lè má jẹ́ àwa.”

“Sístà, èwo ni ti àríyànjiyàn? Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ àbí ẹ ò fẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi. “Àbúrò ìyàwó mi kan wà nílé. Ọmọ dáadáa ni. Ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀.”

“Ṣé ó kọ́ṣẹ́ dírẹ́sà ni?”

“Á kọ́ ọ níbẹ̀ jàre.”

Èyí rí mi lára ju ìdin inú garawa lọ. Ìdin kò mọ̀ pé ìdin lòun, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, mo ní èmi ni mo ń bá dírẹ́sà ṣiṣẹ́, èmi ni màá kọ ọ́.

Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé bírò. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ mi ni “ọ̀bùn”. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni. Mo ya bébà náà, mo bi ara mi pé, kí ni ojú mi rí gan-an? Bí mo bá pe ènìyàn lọ́bùn, kí ni kí ó ṣe sí i? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní garawa kò ṣófo, ó lè dà á nù.

Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, nítorí ìwé ìjọba ni, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí. Mo kọ ọjọ́ tí mo bá ìdin nínú garawa, mo kọ ọjọ́ tí mo rí i tó fẹ́ fi ẹ̀mú kan fọ egbò ẹni méjì láìsè é, mo kọ oúnjẹ orí tábìlì oògùn. Mo kọ àwọn ọjọ́ tó pẹ́ dé tí àwọn aláìsàn ti tò síta. Mo ṣàlàyé pé irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ lè gbé àrùn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Mo kọ ohun tí òfin iṣẹ́ wa wí, mo sì rán an létí pé a ti jọ sọ ọ́ lẹ́nu rí. Mi ò kọ ẹsẹ̀ bíríkìlà, torí mi ò ní ẹ̀rí. Mo kọ ohun tó ń ṣe dáadáa: ó ń di báńdéèjì ṣinṣin, kì í sì í jágbe mọ́ aláìsàn. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ kó yí padà, ìrànlọ́wọ́ tí màá ṣe, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un láti fèsì.

Ìríra tó wà nínú mi, mi ò jẹ́ kó kán sórí bébà. Kò rọrùn.

Mo pè é sí ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kó jókòó. Ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka tẹ ìlà kan.

“Sístà, ọjọ́ Ẹtì tí ẹ kọ pé mo pẹ́ yìí, èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn rán lọ gba oògùn wá n'Íkẹjà láàárọ̀.”

Mo pe nọ́ọ̀sì náà, mo bi í. Òótọ́ ni. Mo fa igi lé ìlà yẹn lójú rẹ̀, mo buwọ́ lù ú. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ti yòókù ńkọ́?”

Ó ní, “Ti yòókù rí bẹ́ẹ̀.” Ó wò mí lójú. “Mo rò pé ìwé tí ẹ fẹ́ fi lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ pè mí fún. Sístà, ẹ̀yin rò pé mi ò gbóòórùn garawa yẹn ni? Mò ń gbọ́ ọ. Egbò ti sú mi. Tí mo bá délé, òórùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ nínú ọbẹ̀ ìyàwó mi. Ìdí tí mi ò fi ń ṣí i nìyẹn. Bí mo bá ti dé e pa, ó tán.”

Irú ìríra tó ń lé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń lé òun náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ṣì ń rìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n aláìsàn tí a ń ti ẹ̀mú yẹn bọ egbò rẹ̀ kò lè mọ̀ pé egbò ti sú yín. Ṣíṣe la gbọ́dọ̀ ṣe é.”

A jọ fi kún ìwé náà pé òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó á máa sun nǹkan inú garawa lọ́sàn-án, àti pé màá wá ẹ̀mú mìíràn kí ọ̀kan lè máa hó lórí sítóòfù bí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Sísè é ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ èsì tirẹ̀ síbẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó mú ẹ̀dà kan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Garawa ń ṣófo, omi ń hó, oúnjẹ ti kúrò lórí tábìlì. Pípẹ́ dé kò tíì tán. Mo kọ èyí tó tún ṣe, mo kọ èyí tó kù.

Akọ̀wé ka ẹ̀dà ìwé mi ní ìgbìmọ̀. Ó gbé mọ́tò wá, ó ju ìwé náà sórí tábìlì mi. “Ìwé ìfẹ́ lẹ kọ sí i! Ta ni mo fẹ́ fi èyí lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́?”

Mo ní, “Bó bá kọ̀ tí kò ṣe é, ẹ ó rí ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rí ni màá kọ. Àbúrò ìyàwó yín, ẹ ní kó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá.” Kò mú un wá títí dòní. Akọ̀wé kò kí mi mọ́, mi ò sì sunkún rẹ̀. Lọ́fínńdà rẹ̀ yẹn, bí mo bá gbóòórùn irú rẹ̀ lára ẹnikẹ́ni títí di ìsinsìnyí, màá sún sẹ́yìn.

Kí ọdún tó yípo, dírẹ́sà wa fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní òun fẹ́ kúrò nídìí egbò. Mo kọ̀wé tì í lẹ́yìn, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kó oògùn pamọ́. Obìnrin ará Èkìtì kan ló gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí dírẹ́sà wa ń fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, ó ń nawọ́ sí nǹkan láti ibẹ̀.

“Èyí tó ń hó yẹn, ẹ má yọ ọ́ tí kò bá tíì jinná,” ló sọ fún un.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé iṣu ni, ẹ̀gbọ́n?”

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá na ọwọ́ sí mi láti dágbére. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, mo lọ síbi omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo sì tún un fọ̀.