Orúkọ Tó Wà Nínú Páásípọ́ọ̀tù

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Ẹtì. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan nítòsí Joubert Park: èmi, ọmọbìnrin mi, àti obìnrin òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó ń bá àwọn tó ń rìnrìn àjò pọ̀ ṣètò ìjókòó.

Ìjọ wa ń lọ sí ìpàdé ọdọọdún ní Durban. Èmi ni akọ̀wé. A ti san àsansílẹ̀ lóṣù tó kọjá kí wọ́n tó fi ọgbọ̀n ìjókòó pamọ́ fún wa, a sì ti san ìyókù. Ó ku orúkọ àwọn èrò, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù wọn. Tí aago mẹ́rin bá ti lù, iye èèyàn kò ní yí padà mọ́. Ìjókòó tí kò bá ní orúkọ yóò padà sọ́wọ́ ilé iṣẹ́.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó wọ ilé ìwé alẹ́, nítorí náà mo máa ń fẹ́ kí èèyàn rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Rúlà ni mo fi fa ìlà sí ìwé tí mo kọ orúkọ wọn sí. Obìnrin náà wo ìwé mi títí. Ó béèrè ẹni tó ń jẹ́ Bàbá Ìjọ. Ó béèrè bóyá ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Màmá. Ó tún bi mí bóyá Akọ̀wé tí mo kọ fún ara mi ni orúkọ bàbá mi.

Ta ni mo jẹ́, tí n ó fi máa kọ orúkọ àwọn àgbà sílẹ̀ gbàǹgbà?

Ọmọ mi, tí a bí sí ilẹ̀ àjèjì yìí, bú sẹ́rìn-ín. Ó ń pe àwọn ọmọ ìjọ lórí fóònù, ó ń gba orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ku ẹnì kan: Màmá Ìbejì, opó tó ti ń jókòó níwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́sàn-án. Durban ni àwọn ìbejì rẹ̀ ti ń kàwé. Kò tíì fojú kàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bọ́ọ̀sì sì ti kún. Bí ìjókòó yẹn bá bọ́, ilé ló máa wà.

Ọmọ mi na fóònù sí mi. “Dádì, èyí, ẹ bi í fúnra yín.”

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò béèrè orúkọ obìnrin kankan. Mo kí Màmá Ìbejì. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo kí àwọn ọmọ. Obìnrin ìdí kọ̀ǹpútà ń wo aago.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?”

“Bàbá Akọ̀wé, ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi ronú ìbéèrè yìí?”

“Àwọn oníbọ́ọ̀sì ló fẹ́ mọ̀ ọ́n, mà.”

“Mo kúkú mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin.”

Ó pe orúkọ náà fún mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Èmi náà ń ké e sókè bí ọmọ ilé ìwé. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tí orúkọ náà wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún pe Màmá Ìbejì lórí fóònù. N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé ìjókòó rẹ̀ ti dájú, lẹ́yìn náà mo sọ orúkọ tèmi fún un. Ó ní kí n pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pè é.