Bébà Tí Kò Ní Máàkì

Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì kan ní Ìsẹ́yìn. Èmi ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ méjèèjì kì í sábà pàdé, àfi nídìí tábìlì oúnjẹ. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀.

Ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn ọmọ SS1, lórí bí ewéko ṣe ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ohun tí ìwé wọn ń pè ní fotosíńtẹ́sìsì. Ìdánwò ló há a lọ́rùn. Ṣé kó dúró dìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kó ṣe ìdánwò kan, kó kó máàkì jọ? Àbí kó máa yẹ̀ wọ́n wò lójú ọ̀nà, láìsí máàkì, kó lè mọ ibi tí ẹ̀kọ́ kò ti yé wọn nígbà tó ṣì lè tún un kọ́? Sọ́mátíìfù ni àwọn olùkọ́ ń pe ti ìparí, fọ́mátíìfù ni wọ́n ń pe ti ojú ọ̀nà.

"Ṣe méjèèjì," ni mo wí.

"Bàbá Ìbejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní o. Àkókò tí mo bá fi yẹ̀ wọ́n wò, inú ẹ̀kọ́ ló ti jáde." Ó ju báírò sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa ń padà lọ bá ẹlẹ́rìí yín pé, ṣé ohun tẹ́ ẹ sọ nìyí? Kí wọ́n tó tẹ ìwé ìròyìn ni, àbí lẹ́yìn tó bá ti jáde?"

"Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni. Tó bá ti jáde, ẹ̀bẹ̀ ló kù."

"Ẹ ò ríyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, nítorí pé ní ìparí tẹ́ẹ̀mù yẹn ni wọ́n máa pín àwọn ọmọ náà sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ti ìṣòwò àti ti iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí máàkì bàọ́lọ́jì rẹ̀ bá kéré, sáyẹ́ǹsì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu láti Ìpàpó, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀, torí pé òun ló máa ń di ojú ọgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú lórí pápá.

Ìyàwó mi fi àyẹ̀wò méjì tí kò ní máàkì sínú ètò ẹ̀kọ́ náà, ó fi ìdánwò kan sí ìparí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àgbà olùkọ́ ni, fíṣíìsì ló ń kọ́ wọn, ìwà rẹ̀ sì dára. Ìyàwó mi sọ fún mi bó ṣe rí.

"Ìyá Ìbejì, mi ò rí máàkì níbí yìí."

"Kò ní máàkì, sà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn ni. Ìdánwò ìparí ni yóò ní máàkì."

"Ohun tó wà lọ́kàn wọn!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá ti rí máàkì, kì í gbé báírò."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ní ilé-ìwé yẹn, bébà tí ọmọ bá ti kọ nǹkan sí kì í wà láìní nọ́ńbà pupa lórí.

Mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ́jọ́ tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nítorí mo rò pé màá rí nǹkan kọ sínú ìwé ìròyìn. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ó pín bébà pélébé fún wọn, ó sì béèrè pé: "Ẹ ti rí iṣu tó tóbi bí itan èèyàn rí. Níbo ni gbogbo ìwúwo yẹn ti wá?"

"Mà, máàkì mélòó ni?"

"Kò ní máàkì."

"Háà! Mà, kí là ń kọ ọ́ fún nígbà náà?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Fún èmi ni. Ẹ má kọ ohun tó wà nínú ìwé. Ohun tí ẹ rò ni kí ẹ kọ. Tó bá ṣì, ó ṣì, mi ò ní fi mú ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí."

Ní ilé, a jọ ka àwọn bébà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ ìtumọ̀ fotosíńtẹ́sìsì bó ṣe wà nínú nóòtì, láìyọ kóńmà kan. Ọmọbìnrin Ìpàpó yìí nìkan ló kọ tirẹ̀: "Ilẹ̀ ni. Bàbá mi sọ pé iṣu ń jẹ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi máa ń ṣá tí a bá gbin iṣu sí i léraléra."

"Òun ló ṣì í," ni mo sọ.

"Òun ló dá mi lóhùn," ni ìyàwó mi sọ.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí àwọn tó kọ ti inú ìwé dìde, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè náà lẹ́nu. Ó délé, kò tíì bọ́ bàtà. "Ẹ gbọ́ mi, Bàbá Ìbejì. Èyí tó kọ ọ́ dáadáa jù lọ, tó kọ káríbọ́ńdíọ́ṣáìdì tó kọ omi tó kọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, mo ní níbo ni ìwúwo iṣu ti wá. Ó ní, 'Ilẹ̀ ni, mà.' Gbogbo wọn! Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ni!" Ó jókòó, ó la ẹnu sílẹ̀. Ká ní ó ti dúró de ìdánwò ìparí ni, gbogbo wọn ni ì bá yege, kò sì ní mọ̀ láéláé pé kò sí ìkankan nínú wọn tó gbà á gbọ́.

Ó yí ètò ẹ̀kọ́ náà padà. Ó gbé ewéko kan tó wà nínú ìkòkò sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì, kí sitáàṣì, oúnjẹ tí ewé rẹ̀ ti ṣe pamọ́, lè tán. Lẹ́yìn náà ó fi bébà dúdú bo apá kan ewé, ó gbé e sóòrùn. Ó se ewé náà nínú omi, ó tún fi í sínú sípíríìtì tó wà nínú omi gbígbóná, níbi tí iná kò sí, títí àwọ̀ ewé rẹ̀ fi jáde. Ó ṣan án, ó sì kán áyódínì sí i. Ibi tí oòrùn dé di dúdú, ó fi hàn pé sitáàṣì wà níbẹ̀. Ibi tí bébà bò kò dúdú. Ó ṣàlàyé fún wọn pé láti inú afẹ́fẹ́ àti omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo iṣu ti ń wá, oòrùn ló ń fún ewé lágbára láti ṣe é. Ilẹ̀ ń fún un ní omi, ó sì ń fún un ní èròjà díẹ̀ tí kò lè ṣe aláìní. Ọmọ Ìpàpó béèrè pé: "Ṣé èròjà díẹ̀ yẹn ló ń tán tí ilẹ̀ bàbá mi fi ń ṣá, mà?" Ìyàwó mi ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra.

Nínú àyẹ̀wò kejì, ọmọ náà tún ṣì í. Nígbà tó máa fi di ìdánwò ìparí, ó ti ṣàlàyé ewé tí wọ́n fi bébà bò yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Lẹ́yìn ìdánwò ni ibà kọlu àwọn ìbejì wa. Ìyàwó mi bá wọn dúró sí ọsibítù, kò lè dé ilé-ìwé. Ọjọ́ tó padà, èmi ni mo gbé e lọ. A bá ọ̀pọ̀ èrò níwájú ibi tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́. Ọmọ Ìpàpó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì wo ojú ìyàwó mi.

"Mà, ẹ sọ pé kò ní máàkì."

"Kí ni kò ní máàkì?"

"Bébà iṣu yẹn, mà. Wọ́n fún mi ní òdo. Èkejì náà, òdo. Mi ò sí nínú àwọn onísáyẹ́ǹsì."

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti wà níbi tí wọ́n ti túfọ̀ fún èèyàn rí. Bí ìyàwó mi ṣe dúró lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yẹn máa ń dúró. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì jáde sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ má fòyà nípa máàkì o, mo ti bá yín ṣe é. Àyè mẹ́ta ló wà fún bàọ́lọ́jì nínú ìwé máàkì tẹ́ẹ̀mù, ìdánwò ìparí yín nìkan ni mo rí. Mo bá rí àwọn bébà yẹn nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín. Mo máàkì gbogbo wọn."

"Ọ̀gá! Ẹ máàkì wọn?"

"Mo ràn yín lọ́wọ́ ni. Ṣé kí n wá fi àyè sílẹ̀ lófìfo ni?"

"Mo ṣèlérí fún wọn! Àwọn tó da ìwé kọ lẹ fún ní máàkì. Ọ̀kan ṣoṣo tó sọ òtítọ́ fún mi, òun lẹ lé jáde!"

"Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ ni. Kò tọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà! Kí n lè mọ̀ ni mo ṣe ní kó kọ ọ́!"

Ìyàwó mi wọlé, ó kó bébà àkọ́kọ́ àti ìdánwò ìparí ọmọ náà, ó tẹ́ wọn síwájú ọ̀gá náà. Ọ̀gá náà wọ gíláàsì rẹ̀. Ó ka ti àkọ́kọ́, ó ka ti ìparí, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Ọmọ kan náà ló kọ méjèèjì?"

"Òun ni, sà."

Ó bọ́ gíláàsì náà. "Ha. Ohun tí kò tíì mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́yìn tó ti mọ̀ ọ́n." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá igbá-kejì ọ̀gá ilé-ìwé, òun náà ló já bébà orúkọ yẹn lára ògiri. Ìdánwò ìparí nìkan ni wọ́n fi ṣe ìṣirò bàọ́lọ́jì fún gbogbo kíláàsì. Ọmọ Ìpàpó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti kọ ìròyìn rẹ̀ dé ìdajì.

Ní tẹ́ẹ̀mù kejì, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun, ó sì tún pín bébà pélébé. Ó ní kò sí máàkì. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, kí ló dé tí èèyàn fi ń mí gúlegúle lẹ́yìn tó bá sáré? Mo wà lẹ́yìn kíláàsì. Kò sẹ́ni tó béèrè iye máàkì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kó wọn jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò lórí ìdúró, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Ìtumọ̀ inú ìwé ni gbogbo wọn kọ. Ti ọmọ Ìpàpó wà nínú rẹ̀, kóńmà kan kò yẹ̀.

Ó pè é síta, sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì tẹ̀ lé wọn.

"Kí lo kọ yìí?"

"Èyí tó wà nínú ìwé ni, mà. Ṣé kò tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà. Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìyàwó mi ya bébà náà sí méjì lójú rẹ̀. "Ó ti tán. Sọ ọ́ lẹ́nu."

Ó gbójú sókè, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, èmi àti báírò ọwọ́ mi. "Mà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "bàbá yìí ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó yà mí lẹ́nu, àfi bí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀bi fún nínú ẹjọ́ tí kò mọ̀ sí. Mo ti báírò bọ àpò, mo pa ìwé dé, mo sì rìn lọ sídìí ọ̀kadà mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọmọ náà ti gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń fi bí èèyàn ṣe ń mí hàn, ẹnu rẹ̀ ń lọ geere. N kò gbọ́ ohun tó sọ, n kò sì bi ìyàwó mi.