Òróró Kì í Ṣe Epo

Láyé ìgbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀, àwa àgbà Ìkòsì tá a rò pé a ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù máa ń pàdé ní pápá ilé ìwé kan láàárọ̀ Sátidé. Èmi ni nọ́ńbà náìnì. Ikùn mi ni nọ́ńbà tẹ́ẹ̀nì.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ṣubú lórí pápá tí kò dìde mọ́, kápúténì ní kí gbogbo wa lọ yẹ ara wò. Ẹni tí dókítà ò bá fọwọ́ sí kò ní bá wa gbá àwọn ará Alápẹ̀rẹ̀. Àwọn yẹn ti fi mí ṣẹ̀sín lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ gbẹ̀san, kò sóhun míì tí mo ń wá.

Dókítà, obìnrin kékeré kan ní Kétu, wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.

"Daddy, ẹ máa ṣe tiréníìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ dín epo kù. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Mo délé, mo ní kí ìyàwó mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo fún aládùúgbò. Nílé tèmi, epo ni epo, òróró ni òróró. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n dín òróró kù. Òróró ẹ̀pà la fi ń dín dòdò, ẹyin, àkàrà. A ń da èyí tó kù padà sígò, a tún fi ń dín, títí tó fi dúdú. Mo tún ra òróró ólífì, ìgò kékeré tí wọ́n fi ń gbàdúrà yẹn, mo ń mu ún ní ṣíbí-ṣíbí lé e lórí kí n tó sáré lọ sí Mile 12.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èsì ẹ̀jẹ̀ mi burú ju ti tẹ́lẹ̀, mo sì tún sanra sí i.

"Daddy, kí lẹ ń jẹ?"

"Mi ò fẹnu kan epo, mà."

"Dòdò ńkọ́?"

"Òróró la fi ń dín in."

Nọ́ọ̀sì pariwo sí ẹnìkejì ẹ̀: "Aunty, ẹ wá gbọ́ o!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún yín pé òróró kì í ṣe epo?"

"Èdè Yorùbá ni, mà."

Ó ní ọ̀rá tó máa ń dì ló pọ̀ nínú epo pupa. Ólífì àti òróró ẹ̀pà sàn fún ọkàn jù ú lọ, tí wọ́n bá rọ́pò ẹ̀, tí wọn ò bá pọ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló ń mú èèyàn sanra bákan náà, èyí tá a ń dín léraléra sì ti bàjẹ́. "Eré sísá ò lè fọ gbogbo ohun tí ẹnu bá kó wọlé." Kò fọwọ́ sí i pé kí n gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí mo ròyìn fún kápúténì, ó kéde ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ kí Baba Olóróró! Baba, ẹ bọ́ jẹ́sì."

Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ, ikùn síta. Wọ́n gbé e fún ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń gbá ilẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Èmi, wọ́n ní kí n máa ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́yìn gọ́ọ̀lù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí gọ́tà, wọ́n ń kígbe pé, "Olóróró, ó ti dì sínú ibẹ̀ ni?" Mo wọ gọ́tà.

Alápẹ̀rẹ̀ na àwọn èèyàn wa nínà ìyà. Gbogbo gọ́ọ̀lù tó ń wọ ilé wa, èmi ni mo ń patẹ́wọ́.