Nọ́ńbà Tí Jẹ́-n-rí-i Fi Pamọ́

Obìnrin aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́-n-rí-i. Bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta. Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ rí lórí ilẹ̀ tó rà láìgba ìwé. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ, bó rí ekòló, á sá.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Atẹ̀wé, àgbàlagbà tó ti ń tẹ̀wé jẹun kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bàbá tẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn.

“Ẹ dúró ná! Kí lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ tí mi ò tíì rí?”

“Ìyá, ohun tí ọmọ yín pè fún mi náà ni.”

“Ẹ jẹ́ n rí i.”

Bàbá mí kanlẹ̀, ó ṣí ojú ìwé tó kó gbogbo ìdáhùn jọ. Ìyá ní kí ọmọ mú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde, kí òun máa fi wé e. Orúkọ pé. Orúkọ òbí pé. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà tí wọ́n bí i ti di oṣù kẹsàn-án.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. “Ojú mi ló ṣe é. Ká ní ó ti lọ ni, a ò lè fọwọ́ kàn án mọ́.”

Ó tún un ṣe, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kà, ó wá tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀rí kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, pé fọ́ọ̀mù ti wọlé. Ìyá kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó gba rìsíìtì, ó sì ní kí Bàbá tẹ ojú ìwé tí nọ́ńbà náà wà jáde ní ẹ̀dà méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò jáde. Ti ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni Ìyá kọ́kọ́ já sí. “Ẹ ò fi ránṣẹ́! Ẹ kàn tàn mí ni!”

“Ojú yín kọ́ ni mo ṣe é? Ẹ lọ bi wọ́n.”

Nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ ò parí ẹ̀ ni, ìyá.”

Ìyá na ẹ̀dà kan sí i, ó di èkejì àti rìsíìtì mú ṣinṣin. Akọ̀wé tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, ó wá fọwọ́ họ orí. “Ó wọlé o. Àwa la fo ojú ìwé orúkọ kan. Ẹni méjìlá ló wà níbẹ̀.”

“Àwọn mọ́kànlá yòókù ńkọ́?” ni ọmọ béèrè.

Ìyá ò kúrò níwájú tábìlì títí akọ̀wé fi kọ orúkọ gbogbo wọn kún ti àwọn tó máa ṣe ìdánwò, tó sì tẹ káàdì ìdánwò ọmọ rẹ̀ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó padà sọ́dọ̀ Bàbá Atẹ̀wé, ó kúnlẹ̀. “Ẹ forí jì mí, sà. Mo fi ẹnu mi tàbùkù yín.”

“Ẹ dìde,” ni Bàbá wí. Àmọ́ ó kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀ tán ná.